Fólíò 23

Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, láti 1981 títí di 2016, ẹ̀ka tó ń ṣètò owó ìfẹ̀yìntì ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. N kò gba ẹ̀gúnjẹ kí n tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí kì í ṣe òfin tí mo rú, òfin tí mo pa mọ́ ni. Obìnrin kan tó kù díẹ̀ kó pé àádọ́rin ọdún wà níbẹ̀ tí kò rí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbà fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko, ọwọ́ mi sì ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ oore tí fáìlì ṣe lójú mi, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, ẹ ó rò pé òǹrorò ni gbogbo wa tí à ń jókòó sídìí tábìlì.

Rẹ́jísírì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, èmi ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé fáìlì ní apá méjì. Apá ọ̀tún ni lẹ́tà ń wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀ lókè, nọ́ńbà yẹn là ń pè ní fólíò. Apá òsì ni míníìtì, ibi tí òṣìṣẹ́ kan ti ń kọ̀wé sí òmíràn pé ẹ wo fólíò báyìí, ohun tí mo dábàá nìyí. Ọ̀gá a fèsì nísàlẹ̀ rẹ̀, a buwọ́ lù ú, a kọ ọjọ́ sí i. Bí fólíò bá di 100, a ó ti fáìlì náà, a ó ṣí ìdìpọ̀ kejì. Fáìlì kì í sì í kúrò lórí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn fáìlì, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀." Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ìmọ̀ràn ìyá.

Ní 1993 ni mo rí agbára rẹ̀. Bàbá kan wá láti Ìsẹ́yìn. Lébìrà ni lẹ́nu iṣẹ́ ojú ọ̀nà, àwọn ló máa ń gé koríko ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n sì ń di kòtò. Kò mọ ìwé kà. Iná ti jó ilé rẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Nínú àkọsílẹ̀ tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé 1973 ni wọ́n gbà á. Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọdún tí wọ́n yọ Mídíwẹ́sì kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ni òun wọṣẹ́. Ọdún 1963 nìyẹn.

Ìyàtọ̀ ọdún mẹ́wàá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lábẹ́ òfin tó wà nígbà yẹn, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún 10 máa ń gba náírà 30 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn lóṣooṣù títí yóò fi kú. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí rẹ̀ a fi náírà 2 kún un, títí yóò fi di 80 fún ẹni tó lo ọdún 35. Ogún ọdún tí wọ́n tẹ̀ fún bàbá yóò fún un ní 50. Ọgbọ̀n ọdún tó sọ yóò fún un ní 70. Gìrátúítì náà wà ńbẹ̀, owó gọbọi tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ti ogún ọdún jẹ́ 180 nínú 100 owó iṣẹ́ ọdún kan, ti ọgbọ̀n ọdún sì jẹ́ 260. Ìyàtọ̀ àárín wọn ju owó oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ìka ẹnì kan ló ṣèèṣì tẹ 7 dípò 6 lórí táípì, ìyẹn ló sì fẹ́ gba gbogbo èyí lọ́wọ́ arúgbó.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì àtijọ́. Ní 1976, nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, wọ́n pín fáìlì náà bí ẹni pín ogún, eruku rẹ̀ sì wà lórí wọn títí dìgbà yẹn. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Fólíò 1 ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ ti 1963, àtàǹpàkò bàbá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìsinmi rẹ̀ ti 1966 wà níbẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ ni ìwé ìbáwí kan láti 1968, pé ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì gé owó ọjọ́ kan. Ìwé tó ti bà á nínú jẹ́ nígbà náà ló wá jẹ́rìí sí i lẹ́yìn ọdún 25 pé lóòótọ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá yìí kò mọ ẹnì kankan ní Ìbàdàn. Kò bá mi tan. Kò mú iṣu wá, kò mú epo wá. Èmi pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n rí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà pátápátá kò lè sọ pé kí wọ́n má san 70 náà fún un, nítorí ìwé ti fọhùn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn nínú bọ́ọ̀sì. Mo rò ó pé ìlú tí tálákà ti lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ìlú náà ti kúrò ní kékeré.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo ń lọ kàwé díẹ̀díẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ lórí ìṣàkóso iṣẹ́ ìjọba, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ Max Weber. Ará Jámánì ni, wọ́n bí i ní 1864, ó kú ní 1920. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ ọ́fíìsì òde òní ṣe yàtọ̀ sí ti ààfin ọba: iṣẹ́ ní ààlà, ọ̀gá ní ọ̀gá, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń gbani, kì í ṣe ìdílé, owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ń jẹ, àga kì í sì í ṣe ohun ìní ẹni tó jókòó lórí rẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́ a máa ṣiṣẹ́ láìbínú sí ẹnikẹ́ni, láìṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí olùkọ́ wa sọ bẹ́ẹ̀, bàbá Ìsẹ́yìn ló wá sí mi lọ́kàn.

Olùkọ́ náà fi kún un pé Weber yìí kan náà bẹ̀rù ohun tó ń yìn. Nínú ìwé tó kọ́kọ́ gbé jáde ní 1904 àti 1905 lórí ẹ̀sìn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì àti ètò ọrọ̀ ajé, ó ní ṣíṣe ohun gbogbo pẹ̀lú ìṣirò àti ìlànà lè di ohun kan tó le bí irin yí ọmọ ènìyàn ká. Ní 1930, Talcott Parsons ará Amẹ́ríkà túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí àgò irin, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní ọ̀rọ̀ Jámánì náà sún mọ́ ìkarahun ju àgò lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì kọjá lọ. Ó di ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ ìkarahun yẹn tó ṣẹ sí mi lára.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní 2007, ọkùnrin kan mú bàbá arúgbó kan wá sí ọ́fíìsì wa, ó ní bàbá òun ni, pé ó wá fi ara rẹ̀ hàn kí owó rẹ̀ má bàa dúró. Ọ̀kan nínú wa fi ojú àánú wò wọ́n. Ìwé wọn kò pé, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà la wá mọ̀ pé ẹni tó ni orúkọ náà ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, arákùnrin rẹ̀ ni wọ́n mú wá. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kì í ṣe ẹyọ kan. Owó tí òkú ń gbà lóṣooṣù kì í ṣe kékeré, owó tó sì yẹ kí wọ́n fi san gìrátúítì àwọn tó wà láàyè ni.

Ní 2009, wọ́n pàṣẹ àyẹ̀wò gbogbogbòò. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù onílà méjìlá. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń béèrè ohun kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ó yọjú fúnra rẹ̀? Ṣé ìwé ìgbanisíṣẹ́ wà? Ṣé ìwé ìfẹ̀yìntì wà? Ìlà keje ní: ṣé orúkọ tó wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá ti báńkì mu? Bí ẹyọ bẹ́ẹ̀ kọ́ kan bá bọ́ síbẹ̀, owó yóò dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Mo ti di olórí ẹ̀ka nígbà náà. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí tọkàntọkàn, mo tilẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi bí wọn yóò ṣe lò ó. N kò fẹ́ kí àánú ẹnì kan tún ṣí ilẹ̀kùn fún olè.

Oṣù kẹta ọdún náà ni màmá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ dé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di apá rẹ̀ mú. Tíṣà ni. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ fà wọ inú kíláàsì. Lóṣù kìíní 1955 tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí ìdajì mílíọ̀nù ó dín díẹ̀ sí ohun tó lé ní 800,000 lọ́dún kan ṣoṣo, ìlú sì ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gba màmá síṣẹ́ ní 1961, orúkọ bàbá rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ó fẹ̀yìn tì ní 1996. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà ní báńkì.

Mo fi àmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ìlà keje. N kò pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ méjèèjì." Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi mú ìwé ìbúra dé. Àṣẹ tuntun kan ti wọlé kí ó tó dé, pé ìwé ìbúra nìkan kò tó, kí ó gbé ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn. Ó wá owó, ó gbé e jáde. Lóṣù kẹfà, àwọn aṣàyẹ̀wò owó dá ìwé rẹ̀ padà. Ìwé ìròyìn sọ pé ọdún 2009 ló yí orúkọ padà. Wọ́n béèrè pé báwo ló ṣe wá ń fi orúkọ náà gba owó láti 1996? Ìwé tí a ní kó lọ ṣe ti di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ohun tó kù ni kí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn olùkọ́ kọ lẹ́tà sí wa pé àwọn mọ̀ ọ́n lórúkọ méjèèjì. Màmá lọ bá wọn lóṣù kẹjọ. Wọ́n ní àwọn kò lè kọ̀wé láìwo fáìlì rẹ̀, fáìlì náà sì ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn láti 1996, ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ló wà. Wọ́n kọ̀wé pé kí a fi fáìlì náà ránṣẹ́. Àṣẹ sì wà lọ́dọ̀ tiwa pé fáìlì ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì yanjú kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé. Mo fèsì bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo buwọ́ lu èsì náà lórúkọ ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó pẹ́ kí èmi fúnra mi tó lóye rẹ̀. Àyẹ̀wò màmá kò lè yanjú àfi tí àjọ bá kọ̀wé. Àjọ kò lè kọ̀wé àfi tí a bá fi fáìlì ránṣẹ́. A kò lè fi fáìlì ránṣẹ́ àfi tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá yanjú. Orí méjèèjì okùn wà lọ́wọ́ mi, mo ń fà á lápá kan, mo ń fà á lápá kejì, mo sì ń sọ fún màmá lóṣooṣù pé, "A ṣì ń retí lẹ́tà àjọ, Màmá." Lójú mi, òótọ́ ni mo ń sọ.

Ẹ lè béèrè pé báwo ni n kò ṣe rí i. Iṣẹ́ tí a pín wẹ́wẹ́ ló fà á. Fáìlì àyẹ̀wò màmá ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, torí orúkọ yẹn ló wà nínú ìwé owó. Lẹ́tà tí àjọ kọ sí wa ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé tiwọn. A fi èyí sínú fáìlì kan, a fi ìyẹn sínú fáìlì tí a ń kó lẹ́tà àjọ sí. Lójú rẹ́jísírì, ènìyàn méjì ni. Ìyàtọ̀ orúkọ tó jẹ́ ẹ̀sùn rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kí a rí i pé ẹnì kan ṣoṣo là ń yí ká.

Àgùnbánirọ̀ kan ló rí i, lóṣù karùn-ún 2010. A ní kó to lẹ́tà àjọ ní ìtẹ̀léra ọjọ́ wọn. Ó dìde wá bá mi, ìwé méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé kì í ṣe ẹnì kan náà ni àwọn méjì yìí? Nọ́ńbà iṣẹ́ wọn dọ́gba." Mo wò ó. Mo tún un wò. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì, yàrá tí mo ti wá ti bàbá Ìsẹ́yìn rí ní ọdún 17 sẹ́yìn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí fáìlì màmá.

Fólíò 23 ni. Lẹ́tà tí màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1967, pé òun ti ṣègbéyàwó, pé orúkọ tí òun yóò máa jẹ́ láti ìgbà yẹn lọ nìyí, pé ìwé ìgbéyàwó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fólíò 24 ni èsì ìjọba: a ti gbọ́, a sì ti gbà. Láti fólíò 25 títí dé ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí gbogbo lẹ́tà. Ọdún 42 ni ìdáhùn ti wà ńbẹ̀, ní àtẹ́lẹsẹ̀ wa, nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí màmá ń dúró lé lórí tó ń bẹ̀ mí.

Mo jókòó sórí àpótí kan nínú yàrá náà. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́kàn ni pé èmi pẹ̀lú yí orúkọ padà nígbà tí mo lọ sílé ọkọ ní 1986, lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà nínú fáìlì tèmi náà. Mo mọ̀ pé gbogbo obìnrin tó ṣiṣẹ́ ìjọba ló ń kọ ọ́. Ìwà mi kò burú ju ti 1993 lọ, mo sì ń ṣiṣẹ́ takuntakun bíi ti ìgbà yẹn. Ìbéèrè tí mo ń béèrè ló ti yí padà. Ní 1993, mo béèrè pé ta ni bàbá yìí, kí ló sì tọ́ sí i? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé yàrá fáìlì. Ní 2009, ohun tí mo béèrè ni pé ṣé ìlà keje ti pé? Fọ́ọ̀mù kò ní ìlà kankan tó sọ pé ẹ ṣí fáìlì wò. Ìwé tí ẹni náà bá gbé wá ló ń béèrè. Nítorí náà n kò ṣí i.

Robert Merton, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1940 pé òfin tí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ lè rí ṣe máa ń di iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lójú òṣìṣẹ́. Mo ti ka ìyẹn náà ní kíláàsì, mo tilẹ̀ gba máàkì tó dáa lé e lórí. Ìmọ̀ yẹn kò ràn mí lọ́wọ́ nídìí tábìlì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìkarahun dára ju àgò lọ lórúkọ. Ẹni tó wà nínú àgò mọ̀ pé wọ́n há òun mọ́, á máa wo ìta, á máa wá ojú ihò. Ìgbín kò mọ̀ pé ìkarahun wúwo. Ara rẹ̀ ló ti jáde, ó ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń sá pamọ́ sí bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Nígbàkigbà tí màmá bá wá, tí ojú rẹ̀ bá fẹ́ kó àánú bá mi, inú fọ́ọ̀mù ni mo ń sá sí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá a mọ̀ níbi gbogbo. Mo rí i ní ọsibítù nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ tò sórí ìlà káàdì. Mo rí i ní 2022, nígbà tí wọ́n ti ìlà fóònù àwọn tí kò tíì so nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn pọ̀ mọ́ ọn, kò sì rọrùn fún àwọn arúgbó tí ìka wọn ti pa rẹ́ nídìí ọkọ́ àti àdá láti jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ìtẹ̀ka wọn mọ̀. N kì í bá wọn bú òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ bóyá ìwé ló ń wò tàbí ènìyàn. Bí ó bá ń béèrè ohun tó ti wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo kọ míníìtì sí ọ̀gá lọ́jọ́ kejì. Mo so ẹ̀dà fólíò 1, 23 àti 24 mọ́ ọn. Mo dábàá pé kí a gba fólíò 24 bíi lẹ́tà àjọ, nítorí ìjọba kan náà ló kọ ọ́, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ti pẹ́. Ọ̀gá gbà. Wọ́n dá owó màmá padà lóṣù kẹfà, pẹ̀lú ti oṣù mẹ́rìnlá tó ti kọjá.

Lẹ́yìn èyí, mo ṣe ohun kan tí mo rò pé yóò wo ọgbẹ́ náà san. Mo ní kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka mi má fi àmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣí fáìlì ẹni náà, kí ó sì kọ nọ́ńbà fólíò tó wò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta, ó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn orúkọ yanjú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Lóṣù kẹrin, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ń kọ "fólíò 1" sórí gbogbo ìwé tó bá ń dá padà. Mo pè é. Kò purọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, mo rò pé nọ́ńbà lẹ fẹ́ rí." Òfin tí mo ṣe kí ojú wọn lè kúrò lára fọ́ọ̀mù ti di ìlà kẹtàlá. N kò lè bá a jà. Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra mi mú ìwé mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan láàárín àwọn tí a dá padà, mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ ṣí fáìlì wọn. Ó gba àsìkò, ó sì rẹ̀ mí. N kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè fi ìwé pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ bìkítà.

Màmá wá dúpẹ́. Ó rù ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́, ó ti ń fo ọjọ́ kan lò ó láti ìgbà ọdún Kérésì. Màmá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ni Ọlọ́run lò fún mi. Wọn ì bá má tíì wá fáìlì yẹn." Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, Màmá." N kò sọ fún un pé èmi ni wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kí n fẹ̀yìn tì ní 2016, mo ní kí wọ́n mú fáìlì rẹ̀ wá fún mi. Mo ṣí apá òsì, mo ka míníìtì tí mo kọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ ni pé ìdádúró oṣù mẹ́rìnlá wáyé lórí ọ̀ràn ìyàtọ̀ orúkọ. Ó wáyé, bí òjò ṣe ń rọ̀. Ènìyàn mẹ́ta buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ mi, kò sì sí orúkọ ẹni tó dá owó náà dúró níbi kankan nínú rẹ̀. Mo mú bírò, mo fẹ́ kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀rọ̀ kún míníìtì tí wọ́n ti buwọ́ lù, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀. Mo pa fáìlì náà dé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn fáìlì pé mo ti dá a padà, mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́ sí i.